Màmá tó di ọrùn ọwọ́ mi mú

Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Èsì ìdánwò sáà yìí jáde lọ́jọ́ Ẹtì, mo sì yege nínú gbogbo ẹ̀kọ́ tí mo jókòó fún. Ẹ̀yin tí ẹ rí mi lóṣù kejì, nígbà tí mo kó àpò kan ṣoṣo kúrò ní Àjàṣẹ́ lọ sí Kétu, ẹ mọ ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin tí ẹ sì ti ń sọ kiri pé mo ti fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀, mo kí yín náà.

Òru kan wà tí n kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Òru kẹrin tí mo ń ṣe ìkọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní yàrá àwọn ọmọdé léra-léra ni, bí ilẹ̀ bá sì ti mọ́, kíláàsì ni mo ń bá lọ. Ara ọmọ ọwọ́ kan tó wọn kílò 6 ń gbóná, wọ́n sì ní kí a fún un ní parasẹtamọ́lù olómi láti inú iṣan. Fún ọmọ tí kò tíì tó kílò 10, mílígíráàmù 7.5 ni a ń kà fún kílò kọ̀ọ̀kan, nítorí náà mílígíráàmù 45 ni tirẹ̀. Mílígíráàmù 10 ló wà nínú mílílítà kan oògùn yẹn, torí náà mílílítà 4.5 ló yẹ kí n fà. Mílílítà 45 ni mo fà. Mo rí 45 nínú ìwé mi, mo rí 45 lára síríńjì, ojú mi sì sọ fún mi pé ó bára mu. Ìlọ́po mẹ́wàá ni mo gbé lọ sídìí ibùsùn ọmọ ọlọ́mọ, èyí tó lè ba ẹ̀dọ̀ rẹ̀ jẹ́.

Màmá àgbà tó ń ṣe olórí wa lóru náà di ọrùn ọwọ́ mi mú. Kò pariwo. Ó gba síríńjì, ó dà á nù, ó ní, «Ọmọ mi, ìgbà wo lo sùn kẹ́yìn?» Mo dúró, mò ń wo aago. Ẹ̀rù kò bà mí, àánú ọmọ náà kò ṣe mí, ohun tó wà lọ́kàn mi kò ju ìgbà tí ilẹ̀ máa mọ́ lọ.

Àìláàánú yẹn ni màmá dì mú nígbà tí ó mú mi lọ sọ́dọ̀ dókítà. Wọ́n kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò bóyá ibà tàbí àìtó ẹ̀jẹ̀ ni, wọn kò rí nǹkan. Dókítà wá béèrè bóyá inú mi ṣì ń dùn sí ohunkóhun tí kì í ṣe ìwé, àti bóyá mo ń ronú ikú. Mo ní bí mo bá ti dé Kétu, mo máa ń bá àwọn àbúrò mi rẹ́rìn-ín. Ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ ni gbogbo rẹ̀ ti ń kú. Ó ní ìyẹn ló jẹ́ kí òun rò pé iṣẹ́ ló ti gbẹ mí, pé bí ìbànújẹ́ bá tẹ̀lé mi dé ibi gbogbo, ìtọ́jú mìíràn ni òun ì bá bẹ̀rẹ̀.

Àbúrò bàbá mi ní ìmẹ́lẹ́ ni. Ìyàwó rẹ̀ ní ayé ló ń ṣe mí, kí wọ́n wá wòlíì. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n n kò mọ wòlíì tí yóò bá mi sun oorun tí mo jẹ gbèsè rẹ̀.

Màmá ló jókòó tì mí tí a fi kọ ìwé sí ilé ẹ̀kọ́. Sáà kan jẹ́ kirẹ́dì 30. A bẹ̀bẹ̀ pé kí n ṣe 18, kí 12 di ọdún tó ń bọ̀, kí wọ́n sì yọ mí kúrò nínú iṣẹ́ òru. Wọ́n gbà. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ béèrè èyí kí ẹ tó sọ pé ẹ fẹ́ fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀, nítorí kirẹ́dì tí ẹ ti gbà kì í sọnù.

Ní Kétu, n kò fọwọ́ kan ìwé fún ọ̀sẹ̀ méjì. Aago mẹ́fà ni mo ń jí, ìbáà ṣe pé mo sùn tàbí n kò sùn, mo sì ń bá ìyá mi pọn omi. Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí ka ìwé fún ìṣẹ́jú 20, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ara yá mi, mo fi ìwàǹwára kàwé fún wákàtí mẹ́ta, ọjọ́ méjì ni mo fi dùbúlẹ̀ tí n kò lè dìde jẹun. Láti ìgbà náà, ìṣẹ́jú 10 péré ni mo ń fi kún un lọ́sẹ̀.

Ọjọ́ tí mo padà sí yàrá àwọn ọmọdé, ọmọ kan ń sunkún, omi sì bọ́ lójú mi. Màmá rí i, ó rẹ́rìn-ín. Ó gbé ìgò parasẹtamọ́lù lé mi lọ́wọ́, ó ní ọmọ kílò 6, kí n ṣírò rẹ̀ sókè. Mo ní mílílítà mẹ́rin ààbọ̀. Ó ní kí n tún un ṣe.