Báàsì ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nípa kíkọ orin ìjọ sí ohùn mẹ́rin

Nínú ẹgbẹ́ akọrin tí mò ń darí, àwọn tó lè ka nóòtù kò pọ̀. Etí ni àwọn yòókù ń lò, wọ́n á sì ní kí n kọ sọ́lífà sínú ìwé fún àwọn kí àwọn lè rí nǹkan dìmú. Irú akọrin báyìí ló kọ́ mi pé kọ́ọ̀dù tó dùn nìkan kò tó. Ẹni tó ń kọ tẹ́nọ̀ gbọ́dọ̀ lè dá ohùn tirẹ̀ kọ nílé, láìsí ẹnikẹ́ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kó sì jọ orin létí ara rẹ̀. Bí kò bá jọ orin, á ti gbàgbé rẹ̀ kó tó di ọjọ́ Àìkú.

Ẹ jẹ́ ká mú orin tí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni: orin Sáàmù ọgọ́rùn-ún ti àtijọ́, èyí tó ti wà nínú ìwé Sáàmù Jẹ̀nẹ́fà láti 1551, tí ìjọ púpọ̀ sì ń fi yin Mẹ́talọ́kan lẹ́yìn ọrẹ. Ìlà kìíní rẹ̀ nìkan la máa ṣe. Ohun tí tirébù ń kọ ni d d t l s d r m. Kíì G ni mo máa ń fi sí, torí pé s òkè tó bẹ̀rẹ̀ ìlà tó kẹ́yìn kò ní fún àwọn ìyá wa lọ́rùn níbẹ̀. Bí wọ́n bá ṣì ń lọgun, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí F.

Ẹ má fọwọ́ kan áltò àti tẹ́nọ̀ ná. Báàsì ló kàn, ìparí ìlà sì ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ìlà wa parí sí r, m. Lábẹ́ r, kọ́ọ̀dù s t r ló bá a mu. Lábẹ́ m, d m s. Nítorí náà báàsì á kọ s, á sì bọ́ sí d. Ilé nìyẹn, kò sí akọrin tí kò gbọ́ ọ. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ padà síbẹ̀rẹ̀: d, d lábẹ́ d méjèèjì, s lábẹ́ t, l lábẹ́ l.

Ibi tó gba ìrònú ni nóòtù karùn-ún, níbi tí tirébù ti dé s. Ohun tó kọ́kọ́ ń wá síni lọ́kàn ni láti fi d sábẹ́ rẹ̀. Kò burú fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n d náà ló máa tún wù yín lábẹ́ nóòtù kẹfà, báàsì á wá dúró sójú kan nígbà tí tirébù ń fò láti s lọ sí d. Ìrìn orin á kú síbẹ̀. Mo fi m sí i, mo sì fi l tẹ̀ lé e. Báàsì wá di d d s l m l s d. Ẹ kọ òun àti tirébù pọ̀, ohùn méjì péré. Bí méjèèjì bá ti dùn báyẹn láìsí ẹlòmíì, iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí.

Àárín ló kù. Òfin tí mò ń tẹ̀ lé ò ju ẹyọ kan lọ: ẹni tí nóòtù rẹ̀ bá wà nínú kọ́ọ̀dù tó kàn, kó dúró, ẹni tí tirẹ̀ kò bá sí níbẹ̀, kó lọ sí ọ̀kan tó sún mọ́ ọn. Ohun tó jáde nìyí:

```
Tirébù   d  d  t  l  s  d  r  m
Áltò     s  s  s  m  m  m  s  s
Tẹ́nọ̀    m  m  r  d  t  d  t  d
Báàsì    d  d  s  l  m  l  s  d
```

Nóòtù méjì péré ni áltò ní: s tó wà nísàlẹ̀ d tí tirébù fi bẹ̀rẹ̀, àti m tó wà nísàlẹ̀ s yẹn. Tẹ́nọ̀ ń rìn ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kò fò níbì kankan. Ẹni tí kò mọ nóòtù rárá lè há méjèèjì sórí ní ìṣẹ́jú díẹ̀. D tó kẹ́yìn nínú báàsì, ẹni tó bá lè lọ sí ti ìsàlẹ̀ kó lọ, ẹni tí kò bá lè lọ kó kọ ti òkè. Méjèèjì bá a mu.

Ọ̀fìn kan wà láàrin nóòtù karùn-ún àti ìkẹfà. Áltò àti báàsì jọ wà lórí m níbẹ̀, ti áltò lókè, ti báàsì nísàlẹ̀. Bí ẹ bá jẹ́ kí áltò gòkè lọ sí l, tó sì dà bíi pé ó bójú mu, báàsì náà ń gòkè láti m lọ sí l ní àkókò yẹn gan-an. Ohùn mẹ́rin ti di mẹ́ta nìyẹn, torí pé àwọn méjì ti ń kọ ohun kan náà. Etí yín á sọ fún yín: ńṣe ni orin náà á ṣófo lójijì, á sì tún kún padà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí áltò dúró lórí m.

Àṣìṣe tí àwọn akọrin fúnra wọn máa ń mú wá tún yàtọ̀. Etí áltò máa ń fà á tẹ̀ lé tirébù láti ìsàlẹ̀, bí a ṣe ń gbe orin lábúlé: tirébù ní r, òun ní t, tirébù ní m, òun ní d. Ó dùn, n kò purọ́. Ṣùgbọ́n ní nóòtù keje, tẹ́nọ̀ ti wà lórí t, t wá di méjì, á sì máa han-ni létí. Ní ìparí, kò ní sí s kankan nínú kọ́ọ̀dù mọ́. Bí ìlà bá parí tó dà bíi pé nǹkan kan kù, áltò ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Tẹ́nọ̀ náà ní tirẹ̀. T d t d tó wà níparí máa ń dà wọ́n láàmú, wọ́n á fi d rọ́pò t. Ní nóòtù karùn-ún, èmi kì í dá wọn dúró nítorí ìyẹn: kọ́ọ̀dù á kàn di d m s tí báàsì rẹ̀ jẹ́ m, ìjọ kò ní mọ̀. Ní nóòtù keje, rárá o. D á fara gbún r tirébù àti s báàsì, gbogbo ilé ló máa gbọ́ ọ. T yẹn nìkan ni mo máa ń pa dùùrù fún, tí àá kọ òun àti báàsì nìkan títí á fi dúró.

Fún orin tí wọ́n tú wá láti òkè òkun ni ọ̀nà yìí wúlò fún. Bí ó bá jẹ́ orin ìbílẹ̀ wa ni, tí ohùn orin ń tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀, báàsì tó ń gòkè nígbà tí tirébù ń sọ̀ kalẹ̀ á yí ọ̀rọ̀ padà lẹ́nu àwọn tó ń kọ ọ́. Níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí gbogbo ohùn jọ máa gòkè, kí wọ́n jọ máa sọ̀. Áltò tó ń tẹ̀ lé tirébù láti ìsàlẹ̀ gan-an ni ẹ ń fẹ́ níbẹ̀.