Ọ̀gá yín gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí lọ́ọ̀gìbúùkù ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì

Ẹ̀yin tí ẹ ń retí súpáfáísọ̀ láti yunifásítì, ẹ má fi ọ̀rọ̀ ìbuwọ́lùwé ṣeré. Tèmi dé lọ́sẹ̀ yìí láìpè ṣáájú, ara mi ò tíì balẹ̀ títí di báyìí.

Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe omi inú ọ̀rá ni mo ti ń ṣe Síwẹ́ẹ̀sì, iṣẹ́ tí yunifásítì ń rán wa lọ kọ́ níta, lẹ́ka iná. Ojoojúmọ́ ni mo ń kọ iṣẹ́ mi sínú lọ́ọ̀gìbúùkù. Ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀ ló yẹ kí ọ̀gá mi kà á kí wọ́n sì fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí n jẹ́ kó pọ̀ díẹ̀, àwọn á fọwọ́ sí gbogbo rẹ̀ pọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé n ò bẹ̀ wọ́n o, gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni mo ń gbé e lọ. Ọjọ́ tí súpáfáísọ̀ dé, Èkó ni ọ̀gá wà.

Dókítà tó jẹ́ súpáfáísọ̀ mi ò kọ́kọ́ bi mí ní nǹkan kan. Wọ́n ń ṣí ìwé, ojú ewé kan tẹ̀lé èkejì, wọ́n ń fi ìka kan àyè òfìfo tó yẹ kí ọwọ́ ọ̀gá wà. Wọ́n wá ní, "Ta ló rí ọ nígbà tí o ń ṣe gbogbo èyí?" Mo ní ọ̀gá mi ni, sà. "Ọ̀gá ọ̀hún dà?" Bírò wọn ti wà lórí fọ́ọ̀mù máàkì. Ẹnu mi gbẹ. Iṣẹ́ tó bó mi lọ́wọ́, ó fẹ́ dà bíi pé ilé ni mo jókòó sí tí mo kọ ọ́!

Àwòrán tí mo yà sínú ìwé lọ́sẹ̀ yẹn ló yọ mí: sítátà sítáà-délítà, ohun tó ń gbé mọ́tò tó ń fa omi dìde. Mo mú wọn lọ síbi pánẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀. Mo ṣàlàyé pé tí mọ́tò bá ń gbéra, sítáà ni, wáyà inú rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń gba nǹkan bíi fóòlítì 230 dípò 400, iná tó ń fà á sì wá sílẹ̀ sí ìdá kan nínú mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ni táímà á yí i sí délítà. Wọ́n ní bí méjèèjì bá wọlé pọ̀ ńkọ́? Mo ní iná á ṣọ́ọ̀tì, mo sì fi ohun tí kì í jẹ́ kí méjèèjì wọlé pọ̀ hàn wọ́n. Wọ́n pe ọ̀gá lórí fóònù, ó parí síbẹ̀.

Nítorí náà, ohun tí ẹ fọwọ́ yín kàn ni kí ẹ yà. Àwòrán inú ìwé ẹlòmíràn ò ní gbà yín nígbà tí ìbéèrè kejì bá dé.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ Ẹtì ni mo ń wí! Bí ọ̀gá bá ní ó di oṣù tó ń bọ̀, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n yan ẹnìkan lẹ́ka yín tó lè fọwọ́ sí i, kí ẹni náà kọ orúkọ, ipò àti déètì. Bẹ́ẹ̀ náà ni Fọ́ọ̀mù Kẹjọ ti Áí-Tí-Ẹ̀fù, àjọ tó ń darí Síwẹ́ẹ̀sì; apá kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ ti ilé iṣẹ́. Ẹ béèrè láti ìsinsìnyí ẹni tí òǹtẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.