Iye tó ti kú lójú dáṣíbọ́ọ̀dù mi

Ní òwúrọ̀ yìí, dáṣíbọ́ọ̀dù tí mo fọwọ́ ara mi ṣe sọ fún mi pé mo ti jèrè 600 dọ́là. Ìdajì bítíkọ́ìnì ni mo ní lọ́wọ́. Nígbà tí mo rà á, 60,000 dọ́là ni odindi kan. 61,200 ni mo ń wò lójú kọ̀ǹpútà. Èrè náà wà ní àwọ̀ ewé, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì sọ pé ìṣẹ́jú-àáyá 1 péré ni iye náà ti wà níbẹ̀. Mo gbé fóònù, mo tà á. 60,300 ni wọ́n rà á. Èrè mi di 150 dọ́là, kí wọ́n tó yọ owó iṣẹ́ wọn.

Ó dùn mí gan-an, nítorí torí irú èyí gan-an ni mo ṣe fi ọjọ́ orí iye síbẹ̀. Ìgbà tí mo yẹ àkọsílẹ̀ sáfà wò ni mo rí i: ó ti dákẹ́ láti bí ìṣẹ́jú 4. Sáfà yìí kan náà ló ń ṣírò ọjọ́ orí, tó ń fi í ránṣẹ́ pẹ̀lú iye. Bó ṣe dákẹ́, iye dúró, ọjọ́ orí náà dúró sórí 1. Ẹni tó gbé ọjà wá ni mo ní kó tún jẹ́rìí pé ọjà náà ò tíì bàjẹ́.

Mo gba ìṣírò náà lọ́wọ́ sáfà. Búráúsà ló ń kà á báyìí, yálà ìròyìn tuntun dé tàbí kò dé:

```js
setInterval(() => {
  ojoOri.textContent =
    Math.floor((Date.now() - akokoOja) / 1000);
}, 1000);
```

Àkókò tí ọjà fúnra rẹ̀ kọ sára iye ni `akokoOja`, kì í ṣe ìgbà tó dé ọ̀dọ̀ mi, torí iye lè pẹ́ lójú ọ̀nà kó tó wọlé bíi tuntun. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dán an wò, -3 ló kọ: aago kọ̀ǹpútà mi ló ti rẹ̀yìn. Mo tún un ṣe.

Bí bítíkọ́ìnì bá ti kọjá ìṣẹ́jú-àáyá 5, iye àti èrè rẹ̀ á di àwọ̀ eérú, àpapọ̀ èrè lókè náà á di eérú, nítorí ìlà kan tó ti kú ti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Fún kọ́ìnì kékeré tí wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ tà, mo fi í sí 60. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n kúkú pa ìlà náà rẹ́. Mi ò gbà. Iye tí mo rà á àti bó ṣe pọ̀ tó ṣì jẹ́ òótọ́, mo sì gbọ́dọ̀ máa rí i pé owó mi wà nínú ọjà.

Ní alẹ́, mo dá sáfà dúró. Mo ka 1 dé 5, eérú dé. Ṣùgbọ́n ìdajì bítíkọ́ìnì tí mo ti tà láàárọ̀ ṣì wà níbẹ̀ bí òwò tí mi ò tíì tà. Ọ̀la, àwọn òwò náà á ní ọjọ́ orí tiwọn.