Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́: kílò ọjà kọ́ ni kílò inú abọ́

Sátidé tó kọjá, ẹran tán lọ́wọ́ wa lórí abọ́ 88. Àlejò 170 ni wọ́n ní ká sè fún. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé alápatà ló rẹ́ wa jẹ: mo gbé ẹran màlúù yẹn sórí òṣùwọ̀n tèmi kí n tó sanwó, kílò 10 ló pé géérégé.

Ìṣirò wa ló ṣìnà. Kílò 10 jẹ́ gíráàmù 10,000. A pín in sí gíráàmù 50 fún ègé kan, ó fún wa ní ègé 200, a sì ní 30 máa ṣẹ́kù. Nígbà tí a yọ eegun, ọ̀rá àti iṣan líle kúrò, ègé 176 péré ló jáde. A bọ̀ ọ́, a dín in, gíráàmù 50 sì ti di 28. Àwọn ọmọ tó ń bu oúnjẹ wo ègé náà nínú ọbẹ̀, ojú tì wọ́n láti gbé ẹyọ kan ṣoṣo síwájú àgbàlagbà, wọ́n bá ń fi méjì-méjì sí i. Méjì-méjì nínú 176, abọ́ 88 nìyẹn. Mi ò bá wọn wí. Ìrẹsì ṣì wà nínú ìkòkò, àwọn èèyàn ń wo ojú wa, ẹran ò sí. A sáré fi ẹyin bíbọ̀ dí i.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, a ra kílò 10 mìíràn, ibì kan náà lára ẹran, a sì ń wọ̀n ọ́n ní gbogbo ìpele. Lẹ́yìn yíyọ eegun àti ọ̀rá, ó ku kílò 8.8. Lẹ́yìn bíbọ̀, 6.2. Lẹ́yìn dídín, 5.0. Iná máa ń mú kí ẹran sún kì, á sì fún omi inú rẹ̀ jáde; omi yẹn la ti sanwó rẹ̀ lọ́jà. Ìdajì ló dé abọ́. Ká ní kílò kan jẹ́ ₦6,000, kílò kan ẹran díndín ti di ₦12,000, ègé gíráàmù 50 sì di ₦600. ₦300 la ti ń fi sínú ìwé owó wa látẹ̀yìn wá.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe é, ẹ gbé abọ́ òfìfo sórí òṣùwọ̀n kí ẹ tó dá a padà sí òdo. Ẹ jẹ́ kí ẹran ro nínú ajọ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹ tó wọ̀n ọ́n, torí omi àti òróró tó lẹ̀ mọ́ ọn ní ìwọ̀n tiwọn. Kì í ṣe alásè kan ṣoṣo ni kó ṣe é. Ẹ jẹ́ kí mẹ́ta ṣe é lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Nígbà tí ẹnì kejì wa dín tirẹ̀, kílò 4.4 ló bá jáde, torí ó fẹ́ràn kí ẹran gan. Ẹran kan náà, owó kan náà, ó ti jẹ ègé 12 mọ́ wa lọ́wọ́, tiẹ̀ sì le lẹ́nu.

Ìdí nìyẹn tí káàdì ìlànà sísè wa kò fi kọ “dín in títí yóò fi pọ́n” mọ́. Ó kọ pé: gé e ní gíráàmù 88 ní tútù kó lè di 50 lẹ́yìn dídín, iyọ̀ gíráàmù 60 fún kílò 8.8, kì í ṣe ẹ̀kúnwọ́, torí ọwọ́ ò dọ́gba. Kó kílò 2 ẹran bíbọ̀ sínú òróró gbígbóná lẹ́ẹ̀kan, kó o sì kó o jáde nígbà tó bá ku kílò 1.6. Bó bá ti di 1.5, ó ti pẹ́ jù lórí iná. Ẹni tó bá kó ju kílò 2 lọ, òróró á tutù, ẹran á máa hó dípò kó dín, á sì pẹ́ jù níbẹ̀. Mo lẹ káàdì náà mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù, inú náílọ́ọ̀nù ni mo fi í sí kí òróró má bà á jẹ́.

Ìdajì yẹn kì í ṣe òfin fún gbogbo ẹran. Bí ẹ bá yí alápatà padà, tàbí tó fún yín ní ibi tí eegun pọ̀ sí, ẹ tún wọ̀n ọ́n. Mo tún un sọ torí òun ló dà wá: ẹran tó dé abọ́ ni kí ẹ fi pín owó, kì í ṣe ẹran tí ẹ gbé bọ̀ láti ọjà. Fún àlejò 170, ègé kan fún ẹnì kan, kílò 17 ló yẹ kí a rà.