Bàbá Rí Ayé, Wọn Ò Rí Wi-Fi

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Tíṣà nítorí pé iṣẹ́ olùkọ́ ni wọ́n ṣe títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, pè mí ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan pé kí n máa bọ̀ ní Mọ́níyà kíákíá, olè ti jí Wi-Fi àwọn. Mo bi wọ́n bóyá ráútà ni wọ́n gbé lọ. Wọ́n ní ráútà wà níbẹ̀, iná ara rẹ̀ ń tàn, àní òun ni Màmá ń fi fóònù wọn lò tí wọ́n fi ń wo ẹni tó ń se ẹ̀fọ́ rírò. Inú kọ̀ǹpútà alágbèéká tàwọn gan-an ni olè wọ̀. Àwọn ọmọ wọn tó wà ní Manchester yóò sì pè lórí Zoom ní agogo méje alẹ́.

Ọ̀rọ̀ fóònù Màmá yẹn ló fi mí lọ́kàn balẹ̀. Bí fóònù bá ń rí Wi-Fi kan náà, a jẹ́ pé ráútà kò ní ẹ̀bi, inú kọ̀ǹpútà ni a ó ti wá ọ̀ràn náà.

Nígbà tí mo débẹ̀, mo wo igun ọ̀tún ní ìsàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà, níbi tí àmì Wi-Fi máa ń wà, ọkọ̀ òfuurufú kékeré ni mo bá níbẹ̀. Mo ní, “Bàbá, Airplane mode lẹ tàn.” Wọ́n ní, “Èmi tí n kò wọ ọkọ̀ òfuurufú rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi?” Mo wo ìlà òkè pátápátá lára bọ́tìnì, mo rí ọ̀kan tí wọ́n ya ọkọ̀ òfuurufú sí, òróró mọ́ínmọ́ín ṣì ń dán lára rẹ̀. Màmá, tí wọ́n ti rẹ ohùn sílẹ̀, ṣàlàyé pé àwọn fi aṣọ nu ojú bọ́tìnì ní àná nígbà tí kọ̀ǹpútà ṣì wà ní títàn. Bàbá wò wọ́n bí ẹni tó mú akẹ́kọ̀ọ́ níbi tó ti ń jíwèé wò.

Mo pa Airplane mode. Ọkọ̀ òfuurufú lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwòrán ayé roboto kan ló rọ́pò rẹ̀. Mo ṣí Settings, mo wọ Network & internet, n kò sì rí ọ̀rọ̀ tí ń jẹ́ Wi-Fi rárá. Bàbá ní, “Ayé ni mo ń rí, n kò rí Wi-Fi.”

Èyí ló yà mí lẹ́nu, nítorí pé Airplane mode kì í pa orúkọ Wi-Fi rẹ́ nínú Settings. Ńṣe ló kàn máa ń pa Wi-Fi, tí bọ́tìnì rẹ̀ yóò sì wà níbẹ̀ ní pípa. Bí orúkọ náà bá ti pòórá pátápátá, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti pa ẹ̀rọ tí ń gba Wi-Fi nínú kọ̀ǹpútà. Mo bi Bàbá léèrè ohun tí wọ́n ti ṣe kí n tó dé. Wọ́n kọ́kọ́ dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní ọmọ àbúrò Màmá kan ló ń darí àwọn lórí fóònù: ó ní kí àwọn tẹ Disable, àwọn tẹ̀ ẹ́, bó ṣe fẹ́ sọ ohun tó kàn, kírẹ́díìtì rẹ̀ tán.

Mo tẹ bọ́tìnì Windows pọ̀ mọ́ R, mo kọ èyí sínú àpótí kékeré tó yọ:

```
ncpa.cpl
```

Mo tẹ Enter, ojú ewé kan ṣí, Wi-Fi sì wà níbẹ̀, ó ti di aláwọ̀ eérú, a kọ Disabled sábẹ́ rẹ̀. Ká ní kò sí níbẹ̀ náà ni, ọ̀rọ̀ ìbá ti kúrò ní ti bọ́tìnì, ó lè jẹ́ dírífà, ìyẹn ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń lo ẹ̀rọ Wi-Fi, tàbí ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ ló bàjẹ́, n bá sì ti wá oníṣẹ́ lọ. Mo fi bọ́tìnì ọ̀tún máòsì tẹ̀ ẹ́, mo yan Enable. Kọ̀ǹpútà béèrè bóyá mo ní àṣẹ, Bàbá dáhùn sókè pé àwọn fún mi láṣẹ, mo tẹ Yes. Kò pẹ́ tí àwọ̀ rẹ̀ fi padà, tí Wi-Fi sì yọ nínú Settings.

Mo ṣí i láti so ó mọ́ ráútà wọn, orúkọ Wi-Fi gbogbo àdúgbò bá tò sílẹ̀. Lókè tiwọn gan-an ni ti aládùúgbò wọn wà: BABA TISA E RA TIYIN. Bàbá fi awò sójú, wọ́n kà á títí, wọ́n ní bí a bá ti bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ tán, kí n bá àwọn tan Airplane mode padà.