"To" tó jọ "láti" àmọ́ tí kì í ṣe "láti"

Mo máa ń bá àwọn èèyàn ka ìmeèlì wọn kí wọ́n tó fi ránṣẹ́, lẹ́tà ìwáṣẹ́ ló pọ̀ jù níbẹ̀, àṣìṣe tí mi ò sì lè ka iye ìgbà tí mo ti rí i ni "I look forward to meet you". Àwọn tó ń kọ ọ́ kì í ṣe òpè o, Yorùbá ló ń darí wọn: "mò ń retí láti rí yín", "láti" di "to", ó tán. Ohun tó tún wá ń dà wọ́n láàmú ni pé "I hope to meet you" tọ̀nà.

"To" méjì ló wà. Tẹ̀yìn "hope" ń retí ọ̀rọ̀ ìṣe, àmọ́ tẹ̀yìn "look forward" ọ̀rọ̀ orúkọ ló ń wá, "-ing" ló sì ń sọ ọ̀rọ̀ ìṣe di orúkọ, bí àwa náà ṣe ń sọ "rí" di "rírí". Ohun tí mo kọ́ láti fi dá wọn mọ̀ ni kí n fi "it" sẹ́yìn "to" kí n gbọ́ bó ṣe dún. "I look forward to it" dùn létí, torí náà "meeting" ni. "I hope to it" ò dún rárá, torí náà "meet" ni. "I am used to it" náà dún, ìyẹn la fi ń sọ pé "I am used to waking early", àmọ́ "I used to wake early" ọ̀rọ̀ míì nìyẹn, ẹni tó ti fi àṣà náà sílẹ̀ ló ń sọ ọ́. Ibi tí ọgbọ́n yìí ti máa já yín kulẹ̀ ni "agree": "I agreed to it" dáa, síbẹ̀ "I agreed to come" náà dáa.

"Suggest" ní tiẹ̀ kì í gba "to" pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìṣe, níbí Yorùbá ń ràn wá lọ́wọ́ tá a bá gbà fún un. A kì í sábà sọ pé "mo dábàá láti yí ọjọ́", "mo dábàá pé ká yí ọjọ́" là ń sọ, òun náà sì ni "I suggest that we change the date". Tẹ́ ò bá fẹ́ dárúkọ ẹni tó máa yí i, "I suggest changing the date". "To" lè wá tó bá jẹ́ èèyàn ló tẹ̀lé e: "I suggested to my boss that we change the date".

Bọ̀dá kan gbé tiẹ̀ wá láìpẹ́ yìí, Thursday ni ìntáfíù rẹ̀, Friday ló sì rọ̀ ọ́ lọ́rùn: "I look forward to meet you but I suggest to change the date to Friday". A tún "meet" ṣe sí "meeting", ìyẹn ò le, àmọ́ mo ní kó yọ "suggest" kúrò pátápátá, ṣé ẹni tó ń wáṣẹ́ ló máa máa dábàá ọjọ́ fún ẹni tó fẹ́ gbà á síṣẹ́ ni? Ohun tó fi ránṣẹ́ ni "Would it be possible to move the interview to Friday? I look forward to meeting you."