Àmì kan lórí "o": ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí ímeèlì àdéhùn

Èmi ni mo máa ń tún ímeèlì ọ̀gá mi ṣe kó tó jáde. Orí fóònù ni wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́, láìsí àmì ohùn kankan. Èmi á fi àmì sí i, màá tún gbólóhùn tó bá wọ́ ṣe, màá sì fi í ránṣẹ́. Iṣẹ́ tí mo rò pé mo lè fi ojú kan ṣe ni, títí di ọjọ́ tí a kọ̀wé sí àwọn tó ń ta ọjà fún wa nípa àdéhùn tó fẹ́ parí.

Ohun tí ọ̀gá tẹ̀ rèé: "A o fi owo ranse ni ojo Aje. A o gba oja to ba pe ju ojo 14 lo. E din paali kan ku, ki e din 20."

Gbólóhùn àkọ́kọ́ ò ní wàhálà: "A ó fi owó ránṣẹ́ ní ọjọ́ Ajé." Ọwọ́ mi ti mọ́ "a ó" nìyẹn, ló bá tẹ̀ síwájú: "A ó gba ọjà tó bá pẹ́ ju ọjọ́ 14 lọ." Ó dùn ún kà, ó sì dọ́gba pẹ̀lú èyí tó ṣáájú. Àṣé "a ò" ni ọ̀gá ní lọ́kàn. Mo ti fi àmì kan ṣoṣo sọ "a kò gbà" di "a máa gbà".

Gbólóhùn kẹta rí játijàti lójú mi, ni mo bá tún un kọ: "Ẹ dín páálí kù sí 20." Páálí 120 ni àdéhùn sọ pé kí wọ́n máa kó wá lóṣooṣù. Ọ̀gá fẹ́ kí wọ́n yọ 20 kúrò, kó ku 100. Èmi ní kó ku 20.

Kò pé wákàtí kan tí èsì fi dé. Wọ́n dúpẹ́ pé a gbà láti fara da ọjà tó bá pẹ́, wọ́n sì béèrè bóyá lóòótọ́ la fẹ́ gé ọjà bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá pè mí. "Ṣé o ka àdéhùn kí o tó tún èyí ṣe?" Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ímeèlì nìkan ni mo kà." Wọ́n ò tún sọ̀rọ̀ mọ́, wọ́n kàn ṣí ìwé àdéhùn síwájú mi.

Ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ gidi ti bẹ̀rẹ̀, torí àtúnṣe tí mo kọ́kọ́ ṣe sí àṣìṣe náà tún ṣìnà. Mo kọ "A kò ní gba ọjà tó bá pẹ́ ju ọjọ́ 14 lọ." Ó ti kúrò ní "a ó", mo sì rò pé ó tán. Ṣùgbọ́n ohun tí abala 6 àdéhùn sọ ni pé Olùrà *lè kọ̀ ọ́*. Ẹ̀tọ́ ni wọ́n fún wa, wọn ò fi dandan mú wa. Bí a bá kọ "a kò ní gbà", a ti fi ọwọ́ ara wa ti ilẹ̀kùn mọ́ ọjà tó ṣeé ṣe kí a nílò lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún. Níbi tí mo jókòó sí, mo kọ ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sílẹ̀ léraléra láti wo bí wọ́n ṣe yàtọ̀. "Lè má gbà": ó wà lọ́wọ́ wa láti gbà tàbí kí a kọ̀. "Kò lè gbà": ohun kan dí wa lọ́wọ́. "Kò gbọ́dọ̀ gbà": a jẹ̀bi bí a bá gbà. Ẹni tó bá ń yára tún gbólóhùn ṣe lè gbé àìgbà láti ibì kan sí òmíràn, kó má sì mọ̀ pé òun ti yí àdéhùn padà.

Mo tún ronú pé tí àmì bá ṣubú kúrò lójú ọ̀nà ńkọ́, nítorí ó máa ń ṣẹlẹ̀ bí ẹlòmíràn bá tún un tẹ̀ láti fi ránṣẹ́ síwájú. "Olùrà lè kọ ọjà náà" yóò di "Olura le ko oja naa", ẹnì kan á sì kà á pé Olùrà lè *kó* ọjà lọ! "Láti má gbà" náà á di "lati ma gba", èyí tó ṣeé kà sí "láti máa gbà". Mo wá yan ohun tí kò ṣeé yí: "Olùrà ní ẹ̀tọ́ tí abala 6 fún un lórí ọjà tó bá pẹ́ ju ọjọ́ 14 lọ, a kò yí abala náà padà." Lẹ́yìn náà mo da ọ̀rọ̀ abala 6 kọ sísàlẹ̀ gẹ́lẹ́ bó ṣe wà. "Kò" pẹ̀lú k rẹ̀ ṣì jẹ́ "ko" bí àmì bá tilẹ̀ sọnù; "ò" nìkan ni kò ní ibi tó máa sá sí. Láti ọjọ́ náà, n kì í fi "a ò" tàbí "a ó" sínú ímeèlì àdéhùn mọ́. "Olùrà yóò" tàbí "Olùrà kò ní" ni mo ń kọ, orúkọ dípò "a".

Ní ti iye, mo kàn ń kọ ibi tí a ti kúrò àti ibi tí a dé: "láti páálí 120 sí páálí 100". "Ẹ dín in ní 20" àti "ẹ dín in sí 20" jọra jù fún ojú tó ti rẹ̀. Mo sì ń ṣọ́ "ju ọjọ́ 14 lọ" kí n má baà sọ ọ́ di "tó bá pé ọjọ́ 14". Ọjà tó dé lọ́jọ́ kẹrìnlá gan-an wà láàbò nínú ti àkọ́kọ́, kò sí láàbò nínú ìkejì.

Orúkọ náà fẹ́ mú mi lọ́jọ́ yẹn. Orúkọ ilé-iṣẹ́ tó wà lórí lẹ́tà wọn kúrú ju èyí tó wà lójú ìwé ìbuwọ́lù lọ, mo sì ti yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò kí méjèèjì lè bára mu. Ọ̀gá ló rí i pé ilé-iṣẹ́ ìyá ni ti orí lẹ́tà, ọmọ rẹ̀ la bá ṣe àdéhùn. Nísinsìnyí mo ń da orúkọ kọ láti ojú ìwé ìbuwọ́lù, n kì í tún un tẹ̀. Bí wọ́n bá fi orúkọ sílẹ̀ láìsí àmì ohùn, èmi náà á fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, bó ti wù kó yọ ojú mi lẹ́nu tó.

Mo gbìyànjú láti lo `Compare` nínú Word láti rí ohun tí mo yí. Gbogbo ojú ìwé náà pọ́n, torí pé ọ̀rọ̀ gbogbo ti gba àmì. `Ctrl+F` náà kò ràn mí lọ́wọ́: nínú ọ̀pọ̀ ètò, bákan náà ni ó àti ò rí lójú rẹ̀. Nítorí náà ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ń ṣe é. Àmì nìkan ni mo kọ́kọ́ ń fi sí i, màá sì dá a padà sọ́dọ̀ ọ̀gá. Tí wọ́n bá ti fọwọ́ sí i, ẹ̀dà yẹn ni mo máa fi wé èyí tí mo tún gbólóhùn rẹ̀ ṣe, ohun tó bá pọ́n nígbà náà á kéré tó láti kà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ímeèlì àtúnṣe tí a fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ náà gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Gbólóhùn tí a fagi lé wà níbẹ̀, èyí tó rọ́pò rẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà la ní kí wọ́n fèsì pé wọ́n ti rí méjèèjì. Wọ́n fèsì ní ọjọ́ kejì. Ọ̀gá ṣì ń tẹ̀wé láìfi àmì sí i, ṣùgbọ́n "ko ni" ni wọ́n ń tẹ̀ báyìí.